Bí ẹ ṣe lè fa dẹrífátíìfù arcsin, arctan àti arcsec yọ nínú onígun-mẹ́ta kan ṣoṣo

Ẹni tó bá ti jókòó rí níbi ìdánwò kálíkúlọ́ọ̀sì mọ bó ṣe máa ń rí. Ó rántí pé 1/√(1 − x²) wà níbì kan, ó rántí 1/(1 + x²) náà, àmọ́ èwo ni ti arcsin, èwo ni ti arctan? Gbogbo rẹ̀ ti dàpọ̀ lórí. Mi ò lè ka iye ìgbà tí mo ti máàkì ìwé ọmọ lẹ́sìn tó kọ √(1 + x²) fún arcsin. Èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí gan-an, lọ́dún kejì mi ní yunifásítì, mo gbàgbé àmì ìyọkúrò kan ṣoṣo nínú ìdánwò, máàkì mẹ́fà sì bá a lọ. Ọjọ́ yẹn ni mo jáwọ́ nínú kíkọ́ tábìlì yẹn sórí. Onígun-mẹ́ta ni mo máa ń yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé báyìí. Kì í gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ tí ìdáhùn á fi jáde.

Ohun tí ẹ ó ti mọ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ kò pọ̀. Ẹ ó ti mọ̀ pé dẹrífátíìfù sin ni cos, pé ti tan ni sec², pé ti sec sì ni sec·tan. Ẹ ó ti mọ ṣéènì rúùlù. Ẹ ó sì ti mọ òfin Pàítágórásì lórí onígun-mẹ́ta tí igun kan nínú rẹ̀ jẹ́ 90°. Ó tán.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tí arcsin ń béèrè

Bí ẹ bá fún sin ní igun, yóò fún yín ní ìpín: sin 30° jẹ́ 0.5. Arcsin ń bọ̀ láti òdìkejì. Ẹ fún un ní 0.5, ó ní, "Igun wo ló ní sáìnì yìí?", ó sì dá 30° padà fún yín. Igun ni ìdáhùn rẹ̀ nígbà gbogbo. Ẹ di ìyẹn mú ṣinṣin, nítorí pé igun náà la fẹ́ yà.

Kakulétọ̀ máa ń kọ ọ́ sí orí bọ́tìnnì bíi sin⁻¹. Ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tó ń jẹ́ John Herschel ló mú àmì yìí wá lọ́dún 1813, ó sì ti kó ọ̀pọ̀ èèyàn sí wàhálà láti ìgbà náà. −1 tó wà lókè níbẹ̀ kò sọ pé kí ẹ fi sin pín 1. 1/sin x ní orúkọ tirẹ̀, cosec x ni. Nítorí èyí, arcsin ni màá máa kọ.

Ó ku nǹkan kan tí ọ̀pọ̀ máa ń fò kọjá. Kì í ṣe 30° nìkan ló ní sáìnì 0.5. 150° náà ní in, 390° náà ní in. Bí arcsin bá ní kí òun kó gbogbo wọn dá padà, kò ní jẹ́ fọ́nkṣọ̀n mọ́. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi pààlà sí i: láàárín −π/2 sí π/2 nìkan ni igun tí arcsin lè dá padà gbọ́dọ̀ wà. Ẹ fi pààlà yìí sápò, a máa mú un jáde láìpẹ́.

Arcsin, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin

Ẹ kọ ohun tí wọ́n bi yín:

y = arcsin x

Ẹ yí i padà, kí arc kúrò níbẹ̀:

sin y = x

Ọ̀rọ̀ kan náà ni méjèèjì ń sọ, àmọ́ èyí kejì ló rọ̀ wá lọ́rùn, nítorí pé a mọ dẹrífátíìfù sin. Ẹ wá dífárẹ́nṣíéètì apá méjèèjì pẹ̀lú x. Apá ọ̀tún kò le, x á di 1. Apá òsì ni ká fara balẹ̀ wò. Y kì í ṣe nọ́ńbà tó dúró sójú kan. Bí x bá mira díẹ̀, igun y náà á mira. Torí náà, lẹ́yìn tí sin y bá ti di cos y, ẹ ó tún sọ ìwọ̀n tí y fúnra rẹ̀ fi mira, ìyẹn dy/dx. Ṣéènì rúùlù ni:

cos y · dy/dx = 1

Ibi tí àwọn ọmọ ti máa ń ṣubú jù rèé. Wọ́n á kọ cos y = 1, wọn á sì máa wá dy/dx kiri nígbà tí kò sí nínú ìlà tí wọ́n kọ mọ́. Bí ẹ bá rí i pé dy/dx ti sọnù nínú iṣẹ́ yín, ẹ padà sí ìlà yìí. Ibí ló ti já bọ́.

Ohun tí a ṣe yìí ni wọ́n ń pè ní dífárẹ́nṣíéṣọ̀n ìmpílísíìtì. A ò yọ y sọ́tọ̀ kí a tó bẹ̀rẹ̀. A jẹ́ kó wà nínú sin níbẹ̀, a sì bá a ṣiṣẹ́ níbi tó wà. Ẹ fi cos y pín:

dy/dx = 1/cos y

Kò sí irọ́ kankan nínú ìdáhùn yìí, ṣùgbọ́n kò tíì wúlò tó. X ni wọ́n fún wa, y la sì fi dá wọn lóhùn. Ta ló máa sọ cos y fún wa nígbà tó jẹ́ pé sin y nìkan la mọ̀? Iṣẹ́ onígun-mẹ́ta nìyẹn.

Ẹ yà á báyìí. Ẹ fa ìlà kan sílẹ̀ gbalaja, ẹ gbé òmíràn dúró ṣánṣán ní ìparí rẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún kí igun 90° wà níbẹ̀, kí ẹ fi ìlà dídagun kan so orí méjèèjì pọ̀. Ẹ kọ y sí igun ìsàlẹ̀ lọ́wọ́ òsì. Sáìnì ni ẹ̀gbẹ́ tó dojú kọ igun, tí ẹ fi haipọ́tínúùsì pín. A ti ní sin y = x, èyí tí í ṣe x/1. Nítorí náà, ẹ kọ x sára ìlà tó dúró ṣánṣán, kí ẹ kọ 1 sára ìlà dídagun. Ìlà ilẹ̀ ló ṣẹ́ kù, Pàítágórásì ló sì máa sọ ọ́: ẹ̀gbẹ́ yẹn ní ìlọ́po ara rẹ̀, pẹ̀lú x², jẹ́ 1² lápapọ̀. Gígùn rẹ̀ jẹ́ √(1 − x²).

Ẹ wo àwòrán yín báyìí kí ẹ ka cos y lára rẹ̀. Ìlà ilẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ y, tí ẹ fi haipọ́tínúùsì pín, √(1 − x²)/1. Ẹ fi rọ́pò cos y:

dy/dx = 1/√(1 − x²)

Ẹ má tíì gbé bírò sílẹ̀. Rúùtù tí a kọ yẹn kì í jẹ́ nẹ́gétíìfù láé, nítorí gígùn ìlà ni, bẹ́ẹ̀ kósáìnì igun lè jẹ́ nẹ́gétíìfù. Kí ló fi dá wa lójú pé cos y níbí kì í ṣe nẹ́gétíìfù? Pààlà tí a fi sápò ni. Láàárín −π/2 sí π/2, kósáìnì kì í lọ sábẹ́ òdo. Torí náà a lè gba ohun tí onígun-mẹ́ta sọ bó ṣe sọ ọ́. Ẹ rántí ìlà yìí: onígun-mẹ́ta ló ń sọ gígùn, pààlà ló ń sọ àmì. Tí a bá dé ọ̀dọ̀ arcsec, ẹ máa rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ẹni tó fi èkejì sílẹ̀.

Arccos kò nílò àlàyé gígùn. cos y = x, dẹrífátíìfù rẹ̀ jẹ́ −sin y · dy/dx = 1, pààlà y jẹ́ 0 sí π níbi tí sáìnì kì í ti í jẹ́ nẹ́gétíìfù, onígun-mẹ́ta náà sì tún fún wa ní √(1 − x²). Ìdáhùn jẹ́ −1/√(1 − x²). Àmì ìyọkúrò yẹn ló jẹ máàkì mẹ́fà mi.

Ẹ fi kakulétọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò

Mo fẹ́ràn x = 0.6, nítorí pé √(1 − 0.36) jẹ́ 0.8 géérégé. Fọ́múlà wa sọ pé dẹrífátíìfù níbẹ̀ jẹ́ 1/0.8, ìyẹn 1.25. Ẹ gbé kakulétọ̀ sí rédíánì. Arcsin 0.6 jẹ́ 0.64350, arcsin 0.61 sì jẹ́ 0.65606. Ìyàtọ̀ wọn jẹ́ 0.01256. Ẹ fi 0.01 tí x fi lọ síwájú pín in, ẹ ó rí 1.256. Ó sún mọ́ 1.25 dáadáa, bí ẹ bá sì fi ìṣísẹ̀ tó kéré sí i ṣe é, á tún sún mọ́ ọn sí i.

Bí ẹ bá rí nǹkan bíi 72 dípò 1.25, ẹ má ya ìwé yín. Kakulétọ̀ yín wà lórí dìgírì ni. Àwọn fọ́múlà yìí kò gbọ́ èdè dìgírì. Ibi tí a ti sọ pé dẹrífátíìfù sin jẹ́ cos ni a ti gbà pé rédíánì la fi ń wọn igun. Ẹ fi 57.3 pín 72 yẹn, ẹ ó padà bá 1.256.

Ẹ tún wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí x bá di 1. Ìlà tó dúró ṣánṣán ti ga dọ́gba pẹ̀lú ìlà dídagun, ìlà ilẹ̀ ti di òdo, onígun-mẹ́ta ti pa dé. 1/0 kò sí. Lórí gíráàfù, ibẹ̀ ni ìlà arcsin ti dìde dúró ṣánṣán bí òpó iná. Ìdí nìyẹn tí fọ́múlà náà fi ń ṣiṣẹ́ láàárín −1 àti 1 nìkan, láìka orí méjèèjì mọ́ ọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé arcsin fúnra rẹ̀ ní ìdáhùn fún 1. Ibẹ̀ náà ni ọ̀nà wa ti ń jẹ́wọ́ ohun kan tó gbà láìsọ: nígbà tí a kọ dy/dx sílẹ̀, a ti gbà pé ó wà. Ó wà ní tòótọ́ níbikíbi tí cos y kò bá ti jẹ́ òdo. Níbi tí cos y bá ti jẹ́ òdo, ìlà kẹta iṣẹ́ wa á di 0 = 1, èyí tí kò lè rí bẹ́ẹ̀.

Arctan: ibo ni 1 wà?

Ẹ ti mọ ọ̀nà. y = arctan x, nítorí náà tan y = x. Ẹ dífárẹ́nṣíéètì:

sec² y · dy/dx = 1

dy/dx = cos² y

Onígun-mẹ́ta míì la ó yà báyìí, nítorí tánjẹ́ǹtì ni ẹ̀gbẹ́ tó dojú kọ igun tí ẹ fi ẹ̀gbẹ́ tó wà lẹ́bàá rẹ̀ pín. X dúró ṣánṣán bíi ti àtẹ̀yìnwá, ṣùgbọ́n 1 ti sọ̀kalẹ̀ wá sórí ilẹ̀. Haipọ́tínúùsì la ń wá, ó sì jẹ́ √(1 + x²). Cos y wá jẹ́ 1/√(1 + x²), tí ẹ bá sọ ọ́ di ìlọ́po ara rẹ̀, rúùtù á ká kúrò:

dy/dx = 1/(1 + x²)

Ibí yìí ni ìbéèrè tó ń da àwọn ọmọ láàmú ti yanjú. Tí 1 bá jẹ́ haipọ́tínúùsì, ẹ ó yọ x² kúrò nínú rẹ̀ kí ẹ tó rí ẹ̀gbẹ́ tó kù, ẹ ó ní 1 − x². Tí 1 bá jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀gbẹ́ kúkurú, ẹ ó pa á pọ̀ mọ́ x², ẹ ó ní 1 + x². Rúùtù sì wà nínú ti arcsin nítorí pé cos y kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, nígbà tí ti arctan jẹ́ cos² y.

Ẹ jẹ́ ká lọ sí Dùgbẹ̀

Iṣẹ́ tó kàn yìí ni mo fi máa ń dán àwọn ọmọ wò, torí kò gba kí ẹ mọ fọ́múlà kankan sórí. Kòkó Háòsì ní Ìbàdàn ga ní mítà 105. Ẹ dúró sí mítà 140 sí ìdí rẹ̀, ẹ gbójú sókè wo orí ilé náà, kí ẹ wá máa fi ẹ̀yìn rìn kúrò níbẹ̀. Igun tí ojú yín fi gbé sókè ń dín kù. Báwo ló ṣe ń yára dín kù sí? Ká gbà pé ilẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, ká sì gbójú fo gíga ojú yín láti ilẹ̀.

Ẹ pe igun náà ní θ, kí ẹ pe jíjìnnà yín sí ilé náà ní x. Lọ́tẹ̀ yìí, onígun-mẹ́ta ti wà níwájú yín, a ò yà á: ilé fúnra rẹ̀ ló dúró ṣánṣán, 105. Ilẹ̀ tó wà láàárín yín àti ilé náà jẹ́ x. Ìlà ojú yín dé orí òrùlé ni haipọ́tínúùsì, √(x² + 11025), nítorí 105² jẹ́ 11025. Ẹ kọ:

tan θ = 105/x

Ẹ dífárẹ́nṣíéètì apá méjèèjì pẹ̀lú x. Apá ọ̀tún kì í ṣe 1 mọ́, ẹ fiyè sí i:

sec² θ · dθ/dx = −105/x²

dθ/dx = −(105/x²) · cos² θ

Ẹ ka cos θ lára àwòrán. Ilẹ̀ ni, tí ẹ fi ìlà ojú pín, x/√(x² + 11025). Tó bá di ìlọ́po ara rẹ̀, x² wà lókè, ó sì pa x² ti ìsàlẹ̀ rẹ́:

dθ/dx = −105/(x² + 11025)

Ẹ fi 140 sí i. 140² jẹ́ 19600, ẹ fi 11025 kún un, ó di 30625, èyí tí í ṣe 175². Onígun-mẹ́ta 3, 4, 5 ni, a kàn fi 35 sọ ọ́ di ńlá ni. Ìdáhùn jẹ́ −105/30625, nǹkan bíi −0.00343 rédíánì fún mítà kọ̀ọ̀kan. Ní dìgírì, ó dín díẹ̀ ní 0.2°. Bí ẹ bá ń rìn ní mítà 1.4 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 1.4, igun náà ń dín ní 0.0048 rédíánì láàárín ìṣẹ́jú àáyá.

Kí kakulétọ̀ wá jẹ́rìí sí i. Ní mítà 140, arctan(105/140) jẹ́ 36.87°. Ní mítà 141, arctan(105/141) jẹ́ 36.67°. Ìdá márùn-ún dìgírì kan ló lọ. Àmì ìyọkúrò náà bá ohun tí ojú rí mu: ẹ ń jìnnà, ọrùn yín ń sọ̀kalẹ̀. Bí ẹ bá rí ìdáhùn pọ́sítíìfù níbí, ẹ ti gbàgbé pé dẹrífátíìfù 105/x ní àmì ìyọkúrò.

Arcsec, níbi tí onígun-mẹ́ta nìkan kò tó

y = arcsec x, nítorí náà sec y = x. Ẹ dífárẹ́nṣíéètì:

sec y · tan y · dy/dx = 1

dy/dx = 1/(sec y · tan y)

Sékáǹtì ni haipọ́tínúùsì tí ẹ fi ẹ̀gbẹ́ ẹ̀bá pín. X bọ́ sórí ìlà dídagun, 1 wà nílẹ̀, ìlà tó dúró ṣánṣán sì jẹ́ √(x² − 1). Ẹ ka tan y, √(x² − 1) ni. Ẹ kó o jọ:

dy/dx = 1/(x√(x² − 1))

Fún x tó ju 1 lọ, èyí dáa. Ṣùgbọ́n ẹ fi x = −2 sí i, ẹ ó rí −1/(2√3), nǹkan bíi −0.289. Ẹ lọ bi kakulétọ̀. Kò ní bọ́tìnnì arcsec, arccos(1/x) ni ẹ ó fi ṣe é. Ní x = −2, ó jẹ́ 2.0944. Ní x = −1.99, ó jẹ́ 2.0973. X lọ sókè, igun náà lọ sókè. Dẹrífátíìfù gbọ́dọ̀ jẹ́ pọ́sítíìfù, nǹkan bíi 0.29. Iye náà ò yẹ̀, àmì ló ti yí padà.

Ẹ̀ṣẹ̀ ta ni? Àwòrán wa ni. A kọ x sára ìlà dídagun bí ẹni pé ìlà lè gùn ní −2. Kò sí ìlà tó gùn ní −2. Nígbà tí x bá jẹ́ nẹ́gétíìfù, arcsec ń dá igun tó wà láàárín π/2 àti π padà, tánjẹ́ǹtì sì jẹ́ nẹ́gétíìfù lágbègbè yẹn. Ohun tí a kà ní √(x² − 1) yẹ kó jẹ́ −√(x² − 1). Sec y jẹ́ nẹ́gétíìfù, tan y náà jẹ́ nẹ́gétíìfù, bí ẹ bá sọ wọ́n di ìlọ́po ara wọn, pọ́sítíìfù ló ń jáde. A lè fi ìlà kan kó ọ̀nà méjèèjì pọ̀:

dy/dx = 1/(|x|√(x² − 1))

Àwọn ìwé kan wà tí wọn kì í kọ |x| yìí, wọ́n á kọ x lásán, wọn ò sì ṣìnà. Pààlà tiwọn ló yàtọ̀: fún x tó jẹ́ nẹ́gétíìfù, wọ́n ní kí arcsec dá igun tó wà láàárín π àti 3π/2 padà, níbi tí tánjẹ́ǹtì ti jẹ́ pọ́sítíìfù, tí àwòrán kò fi ní parọ́. Kí ẹ tó kọ èyíkéyìí sínú ìdánwò, ẹ ṣí ojú ewé tí ìwé yín ti kọ́kọ́ sọ ohun tí arcsec jẹ́, kí ẹ wo ohun tó pe arcsec(−2). Tó bá jẹ́ 2π/3, ẹ kọ |x|. Tó bá jẹ́ 4π/3, ẹ kọ x.